Bí a ṣe ń gba súwẹ́tà irun àgùntàn lọ́wọ́ òólá, láti ọyẹ́ kan dé ọyẹ́ mìíràn

Nígbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí mú ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí kùrukùru rẹ̀ bo ojú ọ̀nà láàárọ̀, iṣẹ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ mi. Aṣọ ni mo ń hun, mo sì ń tún èyí tó já ṣe. Àwọn tí ń gun sẹ̀míjàn ló máa ń kọ́kọ́ dé, torí afẹ́fẹ́ ìdájí kì í ṣàánú àyà ẹni tó wà lórí ọ̀kadà. Wọ́n ti lọ ṣí àpótí tí wọ́n pa dé láti oṣù kẹta, wọ́n fa súwẹ́tà jáde, wọ́n bá ihò lára rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ fún mi: labalábá kékeré kan ló jẹ ẹ́, àwọn rí i tó ń fò, àwọn sì ti pa á.

Èyí tí wọ́n pa yẹn kọ́ ló jẹ aṣọ. Òólá tó ti hu ìyẹ́ kì í jẹun mọ́, kò tilẹ̀ ní ẹnu tó lè fi jẹun. Ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́, ìdin funfun kékeré tí orí rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Èyí tí ẹ sì rí tó ń fò, akọ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Abo kì í fẹ́ fò, ńṣe ló máa ń sáré wọ inú ìṣẹ́po aṣọ, ibẹ̀ ni yóò yé ẹyin sí, bí ogójì sí àádọ́ta, kí ó tó kú. Ẹyin náà kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bí ilé bá móoru bíi tiwa, kò ní ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ kí wọ́n tó pa. Láti ìgbà náà, ìdin yóò máa jẹun nínú òkùnkùn fún oṣù bíi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí yóò fi hun ilé bo ara rẹ̀, tí yóò sì di òólá. Nítorí náà, ẹni tó bá pa òólá kan tó ń fò lójú wíńdò, tó wá pa àpótí rẹ̀ dé padà, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Irun ni oúnjẹ rẹ̀. Irun àgùntàn, irun ẹṣin, ìyẹ́ ẹyẹ, awọ tó ṣì ní irun lára. Ohun tí irun fi ń le, tí ọ̀pọ̀ ẹranko kò fi lè jẹ ẹ́ kó dà nínú, ikùn ìdin yìí lágbára láti tú u. Òwú ìgbẹ̀ kò ní ohun yẹn, nítorí náà òólá kì í jẹ òfì tàbí àdìrẹ lásán. Àgùntàn tiwa níhìn-ín, irun kúkúrú ló ní bíi ti ewúrẹ́, a kì í rẹ́ ẹ láti fi hun aṣọ. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà wa fi mọ ọgbọ́n orísirísi tí a ń dá fún ikán àti eku, tí ọ̀rọ̀ òólá kò fi pọ̀ lẹ́nu wọn. Aṣọ irun wá láti òkè òkun.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín

N ó fi àpótí kan ṣàlàyé, torí ohun gbogbo tó yẹ kí ènìyàn mọ̀ ló wà nínú ọ̀ràn náà. Màmá kan tí ilé wọn kò jìnnà sí Àkábà Ìdẹ̀ńà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, ló ránṣẹ́ pè mí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá. Àpótí onírin ńlá, èyí tí a ń pè ní kántíìnì, wà lábẹ́ ibùsùn wọn. Aṣọ híhun méje wà nínú rẹ̀: súwẹ́tà eérú tó jẹ́ ti bàbá tó ti kú, tí ọmọ wọn kó wá láti Líyọ́ọ̀nù ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, súwẹ́tà aláwọ̀ kọfí kan, ṣọ́ọ̀lù funfun tí wọ́n fi pọn gbogbo ọmọ wọn, àti aṣọ ọmọ ọwọ́ mẹ́rin aláwọ̀ òféfèé. Ọmọ-ọmọ wọn kan wà nínú oyún, oṣù kìíní ni wọ́n ń retí ọmọ náà. Ìdí tí wọ́n fi ṣí àpótí nìyẹn.

Wọ́n ní, «Ọmọ mi, mo da káńfọ̀ mẹ́fà sí i. Báwo ni kòkòrò ṣe wọlé?»

N ó padà sórí káńfọ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo yẹ okùn aṣọ kọ̀ọ̀kan wò, torí púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà fún wa lọ́jà ní wúùlù kì í ṣe irun rárá, ike ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ fa okùn tí kò gùn ju oríkèé ìka lọ láti inú ìránpọ̀ abẹ́ apá. Ẹ fi ẹ̀mú mú un, ẹ mú un sórí abọ́ irin tí omi wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ṣáná sí i. Bó bá jẹ́ irun, yóò máa rún díẹ̀díẹ̀, òórùn irun orí tó jóná ni yóò máa rùn, iná náà yóò fẹ́ẹ́ kú fúnra rẹ̀, eérú rẹ̀ yóò sì fọ́ lúbúlúbú bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ ike, yóò yọ́, yóò káàsókè, èéfín dúdú yóò bá a jáde, ohun tó bá ṣẹ́kù yóò sì le bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré. Bó bá ń rùn bí ìwé tó jóná, òwú ìgbẹ̀ ni.

Aṣọ ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ́. Súwẹ́tà méjèèjì àti ṣọ́ọ̀lù rùn bí irun. Iṣẹ́ ti dín kù sí mẹ́ta nìyẹn. Kì í ṣe pé òólá kò lè dá ihò sí ti ike o. Bí àbàwọ́n ọbẹ̀, wàrà tàbí òógùn bá wà lára rẹ̀, tàbí tí okùn irun bá wà láàárín ti ike, ìdin lè gé e níbi tó ti ń wá oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ike tí a fọ̀ mọ́, kò ní í dúró tì í.

Ẹ mọ ẹni tó jẹ ẹ́

Tẹ́ aṣọ funfun tàbí bébà sílẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń wọlé, kí o gbé súwẹ́tà lé e, kí o sì yẹ ọ̀fun rẹ̀, abẹ́ apá rẹ̀, etí ọwọ́ rẹ̀ àti ìṣẹ́po rẹ̀ wò. Ibi tí òógùn àti epo ara bá wà ni ìdin máa ń fẹ́ràn jù. Ní ti súwẹ́tà eérú, ihò mẹ́sàn-án ni mo kà, mẹ́fà nínú wọn wà ní ọ̀fun àti abẹ́ apá. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti aláǹtakùn lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò, àwọn hóró bí iyanrìn sì dà sórí bébà. Hóró náà jẹ́ aláwọ̀ eérú. Ìgbẹ́ ìdin ni, àwọ̀ aṣọ tó bá jẹ ni ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń ní, kí ẹnikẹ́ni má rò pé eruku lásán ni. Okùn àti hóró yìí fi hàn pé òólá ni.

Kòkòrò kejì tí ń ṣiṣẹ́ yìí kì í hun okùn. Kòkòrò róbótó kékeré ni, ó jọ kòkòrò inú ẹ̀wà, mọ̀lẹ́bí èyí tí ń jẹ ẹja gbígbẹ ló sì jẹ́. Ìdin tirẹ̀ ní irun lára, ó pọ́n bí kọfí, ó sì máa ń bọ́ awọ bó ṣe ń dàgbà. Tí o bá rí ihò tó mọ́ tónítóní, láìsí okùn, tí o sì rí awọ gbígbẹ onírun ní ìsàlẹ̀ àpótí, òun ni. Èyí tó ti dàgbà nínú wọn máa ń wá ìmọ́lẹ̀ lọ, ojú wíńdò ni o ti máa ń rí i, àti lórí òdòdó. Òmíràn tún wà tí gbogbo wa ń rí lára ògiri láìkà á sí: ilé pẹlẹbẹ kékeré aláwọ̀ eérú, tó rí bí hóró ẹ̀gúsí, tí orí kan máa ń yọ jáde láti fà á kiri. Mọ̀lẹ́bí òólá ni, irun àti okùn aláǹtakùn ló ń jẹ, ó sì lè jẹ súwẹ́tà tó bá bá nílẹ̀. Ẹ gbá a kúrò.

Ìtọ́jú kan náà ló wà fún gbogbo wọn, nítorí náà ẹ má fi ọjọ́ kan ṣòfò lórí orúkọ wọn.

Ẹ pa èyí tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó fọ̀ ọ́

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sáré ṣe ni pé kí wọ́n fọ aṣọ. Omi tútù tí irun lè fara dà kì í pa gbogbo ẹyin. Omi gbígbóná tó lè pa wọ́n yóò sọ súwẹ́tà bàbá di ti ọmọ ọdún méjì. Síwájú sí i, ibi tí ìdin ti jẹ okùn dé ìdajì, tí kò tíì já, omi àti ọwọ́ ni yóò já a. Pa wọ́n ní gbígbẹ ná.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ní ilẹ̀ wa ni oòrùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí a kàn sá aṣọ sórí okùn. Sísá dára, torí ìdin kórìíra ìmọ́lẹ̀, yóò jábọ́ nígbà tí o bá ń gbọn aṣọ, o sì lè fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ẹyin dànù. Àmọ́ èyí tó wà nínú ìṣẹ́po yóò kàn sá lọ sí ẹ̀yìn tí òjìji wà. Ohun tí a ń wá ni pé kí àárín aṣọ gan-an gbóná dé 55°C, kí ó sì dúró níbẹ̀ fún wákàtí méjì. Wákàtí kan tó láti pa ẹyin, ìdin àti òólá, èkejì ni mo fi ń dáàbò bo ara mi.

O nílò ọ̀rá funfun tó mọ́ tí o lè dì pa, ọ̀rá dúdú tó nípọn, ọ̀rá funfun fífẹ̀ kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, tí yóò bo gbogbo rẹ̀, páálí tàbí ẹní àtijọ́, àti ohun ìwọn ooru tí a fi ń wo ẹran nínú ààrò, èyí tó ní ọ̀pá irin àti okùn gígùn. Ti ilé ìwòsàn kò wúlò níbí, 42°C ló máa ń parí sí.

Aṣọ gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kó tó wọnú ọ̀rá. Irun tó tutù tí a bá sè bẹ́ẹ̀ yóò sún kì, yóò sì le. Tẹ́ súwẹ́tà kan ṣoṣo sínú ọ̀rá funfun, ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan péré, ti ọ̀pá ìwọn ooru bọ àárín ìṣẹ́po, fọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, kí o sì fi tépù dì í mọ́ okùn rẹ̀. Fi ọ̀rá dúdú wé e. Ọ̀rá dídì yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì: kò jẹ́ kí ìdin sá jáde, kò sì jẹ́ kí ọ̀rinrin díẹ̀ tó wà lára irun gbẹ tán, èyí tó lè mú kí okùn máa kán. Dúdú náà kì í jẹ́ kí oòrùn pa àwọ̀ aṣọ. Tẹ́ páálí sórí sìmẹ́ǹtì níbi tí òjìji kò ní dé títí di aago mẹ́ta, gbé ẹrù lé e, fi òkúta mẹ́rin gbé ọ̀rá funfun fífẹ̀ sókè díẹ̀ lórí rẹ̀ bí àgọ́, kí o sì fi iyanrìn tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ má bàa wọ abẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní ilé Màmá, mo kánjú. Mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ọ̀rá kan. Ní aago méjì ọ̀sán, ọ̀rá dúdú gbóná débi pé ọwọ́ kò lè gbà á, ṣùgbọ́n àárín ẹrù kò kọjá 47°C, lẹ́yìn náà ni oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí rẹlẹ̀. Irun ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó dènà ooru bó ṣe ń dènà òtútù. Ká ní n kò ní ohun ìwọn, ǹ bá ti fọwọ́ kan ìta rẹ̀, ǹ bá sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Lọ́jọ́ kejì mo ya wọ́n sọ́tọ̀, ẹrù mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò nípọn ju ìka mẹ́ta tí a tò léra lọ. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo gbé wọn sílẹ̀. Ní aago méjìlá mo yí wọn padà. Ní aago kan ti súwẹ́tà eérú dé 55°C, ó dé 61°C nígbà tó yá, mo sì fi í sílẹ̀ títí di aago mẹ́ta kọjá díẹ̀. Ká ní ó fẹ́ kọjá 65°C ni, ǹ bá ti ká etí àgọ́ sókè. Ṣọ́ọ̀lù, torí pé ó fẹ́lẹ́, ti dé ibẹ̀ ṣáájú.

Mo gbé wọn sínú ilé, n kò tú ọ̀rá títí ilẹ̀ fi mọ́. 

Ní àsìkò òjò, ní Àjàṣẹ́ pàápàá níbi tí ìkùukùu máa ń dúró pẹ́, ọ̀nà yìí kò ṣe é gbára lé. Fírísà ni kí ẹ lò. Ó gbọ́dọ̀ tutù dé -18°C, kí aṣọ inú ọ̀rá méjì tí a ti tẹ afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Bí iná bá lọ fún wákàtí mélòó kan tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà yín láti ọjọ́ kìíní. Fírísà àwọn tó ń ta ẹja, tí wọ́n ń ṣí ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀ fún ọjọ́ kan kó tó di ṣíṣí, kí ìrì tó máa ń gùn ún má bàa rin aṣọ.

Ẹ di ihò mú, kí ẹ tó fi omi kàn án

Kòkòrò tó ti kú ṣì fi ìgbẹ́ àti okùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo gbọn súwẹ́tà náà níta, mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ìránpọ̀ rẹ̀ gbogbo. Lẹ́yìn náà ni mo di ihò mú. Aṣọ híhun kò dà bí aṣọ òfì: ojú rẹ̀ kan di èkejì mú, bí ọ̀kan bá já, èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ yóò tú, yóò sì máa tú lọ bí àkàbà. Fi abẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ kò mú kó gbogbo ojú tó ṣí sílẹ̀ sórí okùn òwú tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ gedegbe, kí o sì so ó láìfà á. Funfun ni mo lò fún ti eérú. Àtúnṣe gidi lè dúró di ìgbà tó bá gbẹ.

Fún fífọ̀, omi tí kò tutù tí kò sì gbóná, nǹkan bíi lítà márùn-ún, pẹ̀lú síbí ìmùkọ kan ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ irun orí. Irun ni irun, ohun tó bá tú ti orí lára ni yóò tu èyí náà lára. Ọṣẹ dúdú wa tí mo fẹ́ràn fún ara, n kì í fi í fọ aṣọ irun, torí eérú tó wà nínú rẹ̀ le ju fún un. Ní ti omi Jàfẹ́ẹ̀lì, kí ó má tilẹ̀ wọ iyàrá náà: ó máa ń yọ́ irun dànù bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ nínú omi, mo ti rí i tí ọwọ́ súwẹ́tà kan yọ́ tán nínú abọ́. Rì í sómi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, má ṣe bó o, má ṣe fún un. Fi omi tó gbóná bákan náà ṣan án lẹ́ẹ̀mejì. Yí i mọ́ inú táwẹ́ẹ̀lì, tẹ̀ ẹ́ kí omi jáde, kí o sì tẹ́ ẹ sórí ẹní nínú òjìji. Bí o bá fi kọ́ sórí okùn, ìwúwo omi yóò fà á gùn.

Nínú ọyẹ́, ọjọ́ kan ààbọ̀ ló gbà kí ti eérú gbẹ. Ẹ fi ọwọ́ kan ìránpọ̀ abẹ́ apá, òun ló máa ń gbẹ kẹ́yìn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ gbogbo oníbàárà mi pé kí wọ́n fọ aṣọ irun wọn kí oṣù kejì tó parí, kí ọyẹ́ tó lọ, torí ohun tí a bá dì ní tútù ní oṣù kẹrin, èébu yóò jẹ ohun tí òólá fi sílẹ̀.

Káńfọ̀, àti ọmọ tó ń bọ̀

Káńfọ̀ tí Màmá dà sí àpótí, òórùn rẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ó máa ń pa ìdin lóòótọ́ bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá kún ibi tí a dì pa, tí kò sì rí ọ̀nà jáde. Kántíìnì kì í dì pa. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ lóru, ẹ pa á dé, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ tí ń yọ láti ojú ìdè ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà, òórùn gbà á jáde, òólá sì gbà á wọlé. Òórùn tó kù níbẹ̀ tó láti fún ènìyàn ní ẹ̀fọ́rí, kò tó láti pa ìdin.

Ṣùgbọ́n èyí tó le jù nìyí, mo sì sọ ọ́ fún Màmá lójú aboyún náà. Lára wa níhìn-ín ni àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí kò lè fara da káńfọ̀ ti pọ̀. Kò hàn lójú, òbí kì í mọ̀. Bí a bá wọ aṣọ tó gba òórùn káńfọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, ojú àti ara rẹ̀ yóò pọ́n, ibà apọ́njú náà sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ tàbí kó pa á. Kí aṣọ ọmọ tuntun àti káńfọ̀ má ṣe pàdé nínú àpótí kan láé. Bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ fún wọn bí káńfọ̀ bá ti kan aṣọ rẹ̀.

Màmá fẹ́ fọ ṣọ́ọ̀lù funfun náà kí wọ́n sì sá a fún ọmọ tó ń bọ̀, torí òun ló pọn gbogbo ọmọ ilé náà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe é. Fífọ̀ àti sísá máa ń dín òórùn kù, ṣùgbọ́n n kò ní fi ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ dán an wò. Mo hun tuntun fún wọn láti òwú ìgbẹ̀, àwòrán ojú rẹ̀ kan náà ni mo tẹ̀lé. Wọ́n fi ti àtijọ́ bo orí àga wọn.

Àwọn tó ń fín oògùn kòkòrò inú ìgò kékeré, èyí tí wọ́n ń fi sí ẹ̀wà, sórí aṣọ tí wọn yóò wọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Ara ni yóò gbà á. Ewé dóńgóyárò gbígbẹ kò léwu bẹ́ẹ̀, ó sì lè lé òólá sẹ́yìn díẹ̀ bí òórùn rẹ̀ bá ṣì lágbára. Kò lè pa ìdin tó ti wà nínú ìṣẹ́po, ó sì máa ń fa ọ̀rinrin bí kò bá gbẹ dáadáa.

Ibi tí wọ́n ti wá, àti ibi tí a kó aṣọ sí

Ìbéèrè Màmá ṣì wà nílẹ̀: báwo ló ṣe wọlé? Mo béèrè ohun mìíràn tó máa ń wà nínú àpótí náà. Wọ́n ní kò sí, àfi ìrùkẹ̀rẹ̀ bàbá, tí wọ́n fi aṣọ wé, tí wọ́n tẹ́ sórí súwẹ́tà rẹ̀ kí ohun ìní rẹ̀ lè wà pọ̀. Nígbà tí a tú u, irun ìdí rẹ̀, níbi tó ti wọ inú awọ, ti di gbúrúgbúrú, ilé òólá tó ti ṣófo sì lẹ̀ mọ́ ọn bí ìrẹsì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, bóyá láti ọdún kan tàbí méjì sẹ́yìn, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ sí ọ̀fun súwẹ́tà.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń tọ́jú aṣọ irun ní ilé Yorùbá gbọ́dọ̀ wo ìrùkẹ̀rẹ̀, awọ ìlù tó ṣì ní irun, àpò awọ àtijọ́, ìyẹ́ tí a fi ṣe ọ̀ṣọ́ fìlà, àti ìtẹ́ ẹyẹ lábẹ́ páànù. Mo fi oòrùn tọ́jú ìrùkẹ̀rẹ̀ náà lọ́nà kan náà, nínú ọ̀rá tirẹ̀, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó kọjá 56°C nítorí awọ rẹ̀. Màmá gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, tí ọwọ́ ń kàn án, kò sì tún padà sínú àpótí. Bákan náà, aṣọ irun àlòkù tí ẹ bá rà, ẹ má ṣe kó o mọ́ ti ilé títí ó fi gba oòrùn inú ọ̀rá dúdú.

Ní ti àpótí, a kó gbogbo ohun inú rẹ̀ jáde, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ìdè rẹ̀ àti igun rẹ̀, mo fi omi ọṣẹ nù ún, a sì sá a sóòrùn ní ṣíṣí fún ọjọ́ kan. A gbá abẹ́ ibùsùn pẹ̀lú, a sì da ohun tí a gbá sínú iná, torí irun orí àti ìyẹ́ adìẹ tó kó jọ síbẹ̀ tó láti bọ́ ìran òólá kan. Súwẹ́tà méjèèjì wọ inú aṣọ òwú funfun, lẹ́yìn náà inú ọ̀rá tó nípọn, a fi tépù dì í yíká láìfi àyè sílẹ̀. Ọ̀rá yìí gan-an ni ìlẹ̀kùn, kántíìnì kàn ń lé eku ni. Mo kọ ọjọ́ tí a dì í sórí bébà, mo sì fi sínú rẹ̀ níbi tí a ti lè kà á láti ìta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ni kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, torí láàárín àkókò yẹn ẹyin tó bá ṣẹ́kù yóò ti di ìdin tí ojú lè rí, kò sì tíì pẹ́ tó láti di òólá tí yóò yé ẹyin mìíràn. Ẹ kò nílò láti tú u. Ẹ gbọn ọ̀rá náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ lójú oòrùn: bí hóró bí iyanrìn bá wà níbẹ̀, àwọ̀ kan náà pẹ̀lú aṣọ, ẹ padà sí ọ̀rá dúdú. Mo yẹ ti Màmá wò ní ìparí oṣù kìíní, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìkómọjáde. Fọ́nrán irun eérú díẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, kò sí hóró. Mo tún yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kẹta, bákan náà ni. Ihò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti dí nígbà náà, mo fi okùn eérú kan tó ṣókùnkùn díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ dí wọn, Màmá sì ní kí n fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn lè máa rí ibẹ̀.